Bí abiyamọ ṣe lè dín ọ̀rá ara kù láìjẹ́ kí omi ọyàn dínkù

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má dín oúnjẹ kù rárá, nítorí pé ìgbà yẹn ni ilé ọmọ ń jiná, tí ọyàn sì ń mọ bí ọmọ ṣe ń fà á tó. Ẹ dúró de àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Ìyá tó ń fún ọmọ ní ọyàn nìkan ń ná nǹkan bí 500 kálórì lójúmọ́ sórí omi ọyàn, apá kan rẹ̀ sì máa ń ti inú ọ̀rá ara wá. Nítorí náà, 300 sí 500 kálórì ló tó yọ lójúmọ́, kí gbogbo oúnjẹ ọjọ́ má sì kéré sí 1,800.

Ẹ jẹ́ ká mú abiyamọ kan tí ọmọ rẹ̀ pé oṣù méjì, tó ń mu ìgò móòtì kan lọ́sàn-án nítorí wọ́n ní ó ń mú ọyàn wá, tí epo sì ń léfòó lórí ọbẹ̀ rẹ̀. Móòtì yẹn tó nǹkan bí 200 kálórì, ṣíbí ńlá epo kan sì tó 120. Bó bá fi omi rọ́pò móòtì, tó sì dín epo inú àwo rẹ̀ kù ní ṣíbí kan, ó ti yọ 320 láìfọwọ́ kan ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀bà rẹ̀. Fífà tí ọmọ ń fa ọyàn ló ń mú un wá, kì í ṣe móòtì.

Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ló dára. Bó bá ju kílò kan lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, ẹ dá oúnjẹ díẹ̀ padà. Ọmọ gan-an ni kí ẹ máa wò jù: bí ìlédìí tó ń tọ̀ sí kò bá tó mẹ́fà láàárín wákàtí 24, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì kò gòkè mọ́, ẹ padà sí oúnjẹ yín ní kíkún, kí ẹ sì gbé e lọ rí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

Ní ti eré ìdárayá, ẹ kọ́kọ́ fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra, ẹ ka márùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀, nígbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Lẹ́yìn tí ọmọ bá mu ọyàn tán, tí àyà yín sì fúyẹ́, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa fi márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di 30, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Òjá tí a fi ń di ikùn ń gbé ikùn ró, ṣùgbọ́n kì í yọ́ ọ̀rá; omi gbígbóná náà kì í yọ́ ọ.

Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, tí ẹ gbé orí sókè, tí àárín ikùn sì yọ gọ́ńgọ́, ẹ má tíì ṣe eré ìdárayá ikùn. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ gba àṣẹ dókítà kó tó ṣe é. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ bá tún pọ́n lẹ́yìn ìrìn, ẹ sinmi fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n bó bá ń kún páàdì kan láàárín wákàtí kan, ilé ìwòsàn ló yá.