Bí A Ṣe Ń Yan Kódẹ́ẹ̀kì fún Fídíò Ìgbéyàwó: Kó Mọ́ Kedere, Kó Má Wúwo

Mo ya ìgbéyàwó kan ní Àkúrẹ́, wákàtí kan gbáko. Kámẹ́rà mi ń kọ mẹ́gábíìtì 50 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 3,600 ìṣẹ́jú àáyá sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 8 pín in, ó di gígábáìtì 22 àbọ̀. Ìyá ìyàwó ní kí n fi í sórí fíláàṣì kí òun lè máa wò ó lórí tẹlifíṣàn nílé wọn ní Ìjàpọ̀. Àwọn àbúrò ìyàwó tó wà ní Kánádà náà ń retí tiwọn.

Kódẹ́ẹ̀kì ni ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń ká fídíò pọ̀, tí ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó sì fi ń tú u. Mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wa: H.264 tó jáde ní 2003, H.265 tí wọ́n ń pè ní HEVC, tó jáde ní 2013, àti AV1 ti 2018. Èyí tó dé kẹ́yìn ló ń ká a kéré jù láìba àwòrán jẹ́, àmọ́ òun náà ni ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n tú kò tíì pọ̀ tó.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi wò ó. Mo pe Màmá.

“Ẹ kú ilé, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo lẹ ra tẹlifíṣàn yín?”

“Ó ti pẹ́ o, ọmọ mi. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó wọ yunifásítì ni, 2012.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Tẹlifíṣàn 2012 ò lè mọ kódẹ́ẹ̀kì tó jáde ní 2013. Bí ẹ bá fún un ní H.265, ó lè ní òun ò mọ fáìlì náà, tàbí kí ohùn máa jáde kí ojú rẹ̀ dúdú. H.264 ni ti Màmá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá níbi tó le jù nínú fídíò. Ẹ má gé ibi tí pásítọ̀ dúró sójú kan tó ń wàásù, torí kódẹ́ẹ̀kì kì í tún ohun tí kò yí padà kọ. Ibi tí wọ́n ti ń náwó fún ìyàwó ni mo gé: owó ń fò, léèsì olókùúta ń dán, gbogbo èèyàn ń jó. Ẹ fi ffmpeg, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ká fídíò, ṣe é. Àṣẹ àkọ́kọ́ ló ń gé e, mẹ́ta tó kù ló ń ká a lọ́nà mẹ́ta:

```
ffmpeg -ss 00:40:00 -t 30 -i igbeyawo.mp4 -c copy idanwo.mp4
ffmpeg -i idanwo.mp4 -c:v libx264 -crf 20 -preset slow -pix_fmt yuv420p -c:a aac a.mp4
ffmpeg -i idanwo.mp4 -c:v libx265 -crf 22 -preset slow -tag:v hvc1 -c:a aac b.mp4
ffmpeg -i idanwo.mp4 -c:v libsvtav1 -crf 30 -preset 6 -c:a aac d.mp4
```

Nọ́ńbà `crf` ló ń pinnu bí àwòrán á ṣe mọ́ tó. Bó bá kéré, àwòrán mọ́, fáìlì wúwo. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: 22 inú H.265 kì í ṣe 22 inú AV1. Òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀, ojú yín ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ojú kọ̀ǹpútà tó tóbi, kí ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, kí ẹ sì dá wọn dúró níbi tí ìyàwó ti yí gèlè rẹ̀. Bí òkúta ara léèsì bá parẹ́ di àwọ̀ kan ṣoṣo, tàbí bí ògiri dúdú tó wà lẹ́yìn bá ń ṣe bátàbátà bí bíríkì, ẹ fi méjì dín nọ́ńbà náà kù, kí ẹ tún un ká.

Nígbà tí ojú mi ò rí ìyàtọ̀ mọ́, H.264 jẹ́ mẹ́gábáìtì 45, H.265 jẹ́ 28, AV1 jẹ́ 22. Ẹ sọ ọ́ di ọgọ́fà lọ́nà, torí ọgọ́fà irú gígé yẹn ló wà nínú wákàtí kan: H.264 á di gígábáìtì 5.4, H.265 á di 3.4. Ó bà mí lẹ́rù díẹ̀, torí fíláàṣì tí wọ́n tò ní ìlànà FAT32 kì í gba fáìlì kan tó ju gígábáìtì 4 lọ. Àmọ́ ibi tó le jù la fi ṣírò, bẹ́ẹ̀ ìwàásù àti àdúrà pọ̀ nínú ìyókù. Nígbà tí mo fi H.264 ká gbogbo ti Màmá tán, gígábáìtì 3.6 ló dé. Bí tiyín bá kọjá 4, ẹ gé e sí méjì. Ìlànà exFAT ń gba fáìlì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ tẹlifíṣàn àtijọ́ lè má kà á.

Àwọn tó wà ní Kánádà gba H.265. Fóònù iPhone ni wọ́n ń lò, `hvc1` tó wà nínú àṣẹ yẹn ló sì ń jẹ́ kí fóònù Apple gbà á. AV1 wù mí gan-an, àmọ́ iPhone 15 Pro ti 2023 ni iPhone àkọ́kọ́ tó ní èròjà tó ń tú u, tiwọn sì ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíká AV1 pàápàá ń gba àkókò, bí ẹ bá sì ń lo jẹnẹrétọ̀, epo lẹ ń jó.

Inú fáìlì tó ti inú kámẹ́rà wá gan-an ni kí ẹ ti máa ká ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ká ti Kánádà láti inú ti Màmá, torí ohun tí H.264 ti jù nù kò lè padà wá. Kí n tó gbé fíláàṣì lọ sí Ìjàpọ̀, mo fi í sára tẹlifíṣàn àtijọ́ kan, mo fò lọ sí ìṣẹ́jú ogójì, mo dúró títí owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò, òkúta léèsì náà ṣì ń dán.