Bí mo ṣe fi wáyà gbé íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú kọ̀ǹpútà wá sórí fóònù mi

Ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, wáyà ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń bá wọ inú kọ̀ǹpútà. Kò sí Wáì-fáì, netíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé yàrá tí mo máa ń jókòó sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì lára fóònù. Èmi fẹ́ kí fóònù gbà á lára kọ̀ǹpútà. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa ná, torí dátà ọ́fíìsì ni.

Gnirehtet ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Android 5.0 sókè. Áàpù rẹ̀ máa ń ṣe bíi VPN lórí fóònù: gbogbo ohun tí fóònù bá fẹ́ fi ránṣẹ́, yóò gbà á, yóò sì tì í gba inú wáyà lọ sí kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà bá a fi ránṣẹ́ síta.

Lórí fóònù, mo tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje kí Developer options tó yọjú, mo sì tan USB debugging. Ẹ má lo wáyà tó jẹ́ pé ṣájì nìkan ló ń gbé o. Mo wá tẹ `adb devices` lórí kọ̀ǹpútà; adb ni irinṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá fóònù Android sọ̀rọ̀. Bí ó bá kọ `unauthorized`, ìbéèrè kan wà lójú fóònù tí ẹ kò tíì dáhùn. Lẹ́yìn náà:

```
gnirehtet run
```

Mo gbà fún VPN náà, àmì kọ́kọ́rọ́ yọ lókè fóònù. Síbẹ̀, ojú ìwé kankan kò ṣí. 8.8.8.8, sáfà Google, ni Gnirehtet máa ń bi léèrè nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ́fíìsì kan máa ń dí ọ̀nà sáfà òde, tiwọn nìkan ni wọ́n ń gbà láyè. Mo fi èyí dán an wò lórí kọ̀ǹpútà:

```
nslookup google.com 8.8.8.8
nslookup google.com
```

Àkọ́kọ́ kò rí èsì kankan. Èkejì dáhùn kíá, ó sì fi hàn pé 192.168.1.1 ló dá a lóhùn. Ohun tó dí ọ̀nà nìyẹn. Mo tẹ Ctrl+C, mo wá dárúkọ sáfà ọ́fíìsì fún un:

```
gnirehtet run -d 192.168.1.1
```

Kíá ni àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp tó ti ń dúró bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀. Nọ́ńbà sáfà tí `nslookup` bá fi hàn pé ó dáhùn ni kí ẹ lò.

Ẹ má fi `ping` dán an wò, torí oríṣi ìfiránṣẹ́ méjì, TCP àti UDP, nìkan ni Gnirehtet ń gbé. `ping` kì í lo ìkankan nínú méjèèjì, nítorí náà kò ní dáhùn kódà bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ geere. Áàpù mìíràn sì wà tó máa ń wá Wáì-fáì kó tó gbà pé íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Irú ìyẹn lè kọ̀ jálẹ̀.

Àǹtí tó jókòó tì mí ní kí n ṣe é sórí iPhone àwọn náà. Mo ní, “Ẹ má bínú mà, Android nìkan ló wà fún.” Nígbà tí mo parí, mo pa USB debugging, torí kọ̀ǹpútà tí a bá ti gbà láyè níbẹ̀ lè wọ inú fóònù gan-an.