Ìlà títọ́ fún ẹrù oṣù tó ń bọ̀: bí a ṣe ń fà á, àti bí a ṣe ń wọn àṣìṣe rẹ̀

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń kó gààrí ránṣẹ́ sí ìlú gbọ́dọ̀ bá onílọ́rì ṣàdéhùn kí oṣù tó wọlé. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ ju ẹrù lọ, ẹgbẹ́ ló máa san owó àyè tó ṣófo. Bí ọkọ̀ kò bá tó, gààrí á sùn sí ibùdó títí ọ̀rinrin á fi wọ̀ ọ́. Ìṣirò tó wà nínú ìwé yìí kò ju ká ròpọ̀, ká yọ, ká sọ di púpọ̀, ká sì pín lọ. Àwọn iye tó wà níbẹ̀, àpẹẹrẹ ni a fi wọ́n ṣe. Ẹ fi ti ẹgbẹ́ yín rọ́pò wọn.

Àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Tọ́ọ̀nù ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye àpò, nítorí àpò tí wọ́n kì tí wọ́n sì rán lórí kò wúwo bákan náà pẹ̀lú àpò tí wọ́n kàn so lẹ́nu. Bí ẹrù yín bá ń tẹ̀lé ọjọ́ ọjà, ẹ ka iye ọjà tó bọ́ sínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọjà tí wọ́n ń ná lẹ́yìn ọjọ́ 8-8 lè bọ́ sínú oṣù kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kó sì bọ́ sínú òmíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹrù oṣù tó ní ọjà mẹ́rin á dà bí ẹni pé ó gbéra sókè, bẹ́ẹ̀ ọjà kan ló fi lé. Ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹrù ọjà kọ̀ọ̀kan ni kó máa kọ, kó fi oṣù sílẹ̀.

Fífa ìlà

Ẹ jẹ́ ká mú oṣù 7. Ẹrù wọn ní tọ́ọ̀nù ni 43, 45, 44, 49, 49, 55 àti 58. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 343. Bí a bá pín in sí 7, ìpíndọ́gba jẹ́ 49.

Ẹ fún oṣù tó wà láàárín gan-an ní 0. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ á jẹ́ −1, −2, −3, àwọn tó tẹ̀ lé e á jẹ́ 1, 2, 3. Ẹ wá fi nọ́ńbà oṣù kọ̀ọ̀kan sọ ẹrù rẹ̀ di púpọ̀. Òpó méjì tó kẹ́yìn, ìgbà tí ẹ bá ti rí ìlà ni ẹ ó kọ nǹkan sí wọn: àlàfo ni ẹrù, ká yọ ohun tí ìlà sọ kúrò nínú rẹ̀.

| Nọ́ńbà oṣù | Ẹrù | Nọ́ńbà × ẹrù | Ohun tí ìlà sọ | Àlàfo |
|---|---|---|---|---|
| −3 | 43 | −129 | 41.5 | 1.5 |
| −2 | 45 | −90 | 44 | 1 |
| −1 | 44 | −44 | 46.5 | −2.5 |
| 0 | 49 | 0 | 49 | 0 |
| 1 | 49 | 49 | 51.5 | −2.5 |
| 2 | 55 | 110 | 54 | 1 |
| 3 | 58 | 174 | 56.5 | 1.5 |

Àpapọ̀ òpó kẹta jẹ́ 70. Ẹ tún sọ nọ́ńbà oṣù kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ ròpọ̀: 9 + 4 + 1 + 0 + 1 + 4 + 9 = 28. Ẹ pín 70 sí 28, ẹ ó rí 2.5. Ìyẹn ni pé ẹrù ń fi tọ́ọ̀nù 2.5 gòkè lóṣooṣù, ìlà yín sì ni:

```
ẹrù = 49 + 2.5 × nọ́ńbà oṣù
```

Oṣù kẹjọ ni nọ́ńbà 4, nítorí náà ìlà ní ká retí 59. Ẹ ròpọ̀ àlàfo tó wà ní òpó tó kẹ́yìn pẹ̀lú àmì wọn. Bí kò bá jẹ́ 0, ẹ ti ṣi ìṣirò ṣe níbì kan.

Ìlà yìí ni èyí tí àlàfo rẹ̀ kéré jù lọ, bí a bá sọ àlàfo kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ká tó ròpọ̀. Adrien-Marie Legendre, ará Faransé, ló kọ́kọ́ tẹ ìlànà náà jáde ní 1805, níbi tó ti ń ṣírò ọ̀nà tí ìràwọ̀ onírù ń gbà. Gààrí kò sí lọ́kàn rẹ̀.

Oṣù kan ṣoṣo lè ba ìlà jẹ́

Nígbà tí a bá sọ àlàfo di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, àlàfo 10 á di 100, àlàfo 2 á sì di 4 péré. Nítorí náà, oṣù tó ṣàjèjì máa ń fa gbogbo ìlà mọ́ra, ibi tó bọ́ sí ló sì ń sọ bí ìfà náà ṣe máa le tó. Ká ní dísẹ̀lì wọ́n lóṣù keje, tí ẹrù bọ́ láti 58 sí 37. Àpapọ̀ 70 á di 7, ìgòkè oṣooṣù á sì di 0.25 dípò 2.5. Ká ní oṣù kẹrin ni tọ́ọ̀nù 21 yẹn dín, ìgòkè á ṣì jẹ́ 2.5, ìpíndọ́gba nìkan ló máa wálẹ̀ sí 46. Ẹ tètè wo oṣù àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá mọ ìdí tí ọ̀kan fi ṣàjèjì, tí ìdí náà kò sì ní padà wá, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tún ìlà fà.

Ìlà títọ́ kò mọ sáà. Oṣù méje láti ọ̀gbẹlẹ̀ wọ inú òjò lè máa gòkè nítorí pé ilẹ̀ rọ̀, ẹ̀gẹ́ sì rọrùn láti fà tu. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá tún dé, ìlà á ṣì máa gòkè nígbà tí ẹrù ń lọ sílẹ̀. Ẹ fi oṣù wé irú rẹ̀ ti ọdún tó kọjá kí ẹ tó gbà pé ẹrù ń pọ̀ sí i lóòótọ́.

Wíwọn àṣìṣe

Bí a bá gbójú fo àmì àlàfo méje yẹn, tí a ròpọ̀ wọn, a ó rí 10. Bí a bá pín in sí 7, ó jẹ́ 1.43. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Oṣù méje yẹn náà la fi fa ìlà, ó sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn. Àwọn oṣù tí ìlà kò tíì rí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ká ní oṣù kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá mú 57, 64 àti 61 wá. Ìlà ti sọ 59, 61.5 àti 64. Ohun tó dé, ká yọ ohun tí a retí kúrò nínú rẹ̀, fún wa ní −2, 2.5 àti −3. Ẹ gbójú fo àmì: 2 + 2.5 + 3 = 7.5. Ẹ pín in sí 3, àṣìṣe wa jẹ́ tọ́ọ̀nù 2.5 lóṣù ní ìpíndọ́gba. Ìdí tí a fi gbójú fo àmì ni pé bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, èyí tó lọ sókè á pa èyí tó wálẹ̀ rẹ́, a ó sì rò pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í rárá.

Ṣé 2.5 dára? Ẹ fi wé ọ̀lẹ tó kàn ní ẹrù oṣù keje, 58, ló máa tún wá. Òun ṣì í pẹ̀lú 1, 6 àti 3, ìyẹn 3.33 ní ìpíndọ́gba. Bí ìlà yín kò bá borí ọ̀lẹ yìí, ẹ jù ú nù.

Ẹ tún máa ròpọ̀ àṣìṣe pẹ̀lú àmì wọn, kí ẹ pín in sí àṣìṣe ìpíndọ́gba. Tiwa jẹ́ −2.5 ÷ 2.5, ìyẹn −1. Bí ó bá kọjá 4 tàbí −4, apá kan ni ìlà ń ṣì sí, ó ti tó àkókò láti fa òmíràn. Àyẹ̀wò yìí kò lè dún kí oṣù 5 tó pé, nítorí kò lè ju iye oṣù tí ẹ wọ̀n lọ.

Lórí fóònù

Nínú Excel tàbí Google Sheets, bí nọ́ńbà 1 sí 10 bá wà ní A2 sí A11, ẹrù ní òpó B, ohun tí ẹ retí ní òpó C:

```
=FORECAST(8,B2:B8,A2:A8)
=SUMPRODUCT(ABS(B9:B11-C9:C11))/3
```

Ẹ má lo `AVEDEV`. Jíjìnnà sí ìpíndọ́gba ẹrù ló ń wọ̀n, kì í ṣe jíjìnnà sí ohun tí ẹ retí. Ẹ sì ṣọ́ra fún nọ́ńbà: bí oṣù bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà jẹ́ 39, kì í ṣe 49. Ẹni tó bá fi 49 mọ́ oṣù 8 á retí 69.

Iye ọkọ̀

Ẹ fi oṣù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tún ìlà fà. Níwọ̀n bí 10 kò ti ní àárín, nọ́ńbà á lọ láti −9, −7, −5 títí dé 9, oṣù kọkànlá á sì jẹ́ 11. Ìpíndọ́gba jẹ́ 52.5, ìgòkè fún nọ́ńbà kan jẹ́ 393 ÷ 330, ìyẹn 1.19, oṣù kan sì jẹ́ nọ́ńbà méjì, a ó sì retí nǹkan bí 65.6. Ẹ fi àṣìṣe ìlọ́po méjì, tọ́ọ̀nù 5, sókè àti sísàlẹ̀: láti 60.6 dé 70.6. Bí lọ́rì kan bá ń gbé tọ́ọ̀nù 10, mẹ́fà kò ní tó. Ẹ bá onílọ́rì méje ṣàdéhùn, kí ẹ má san àsansílẹ̀ fún ìkẹjọ.