Kí ẹ tó dárúkọ owó fún òtẹ́ẹ̀lì: bí a ṣe ń ṣírò ojú ìdọ́gba fún iṣẹ́ tuntun

Alágbàfọ̀ tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò mọ iye tó ń gbà lórí búbá àti ṣòkòtò. Ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ bá òtẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa fọ aṣọ ibùsùn wọn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Iṣẹ́ náà máa gba òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ tí kò ní tẹ́lẹ̀, máníjà òtẹ́ẹ̀lì sì fẹ́ rí iye kan pàtó nínú ìwé àbá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wádìí iye tí ẹlòmíràn ń gbà, wọ́n á yọ igba náírà kúrò níbẹ̀ kí iṣẹ́ lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọn ò mọ̀ bóyá aṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn pọ̀ tó láti kó owó tí wọ́n máa ná wọlé.

Ojú ìdọ́gba ni iye aṣọ tí a gbọ́dọ̀ fọ̀ lóṣù kí owó tó wọlé tó bá owó tó jáde dọ́gba, tí a ò jèrè, tí a ò sì pàdánù. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ní ilé ìfọṣọ ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 40 ló fẹ́ gbé ìwé àbá lọ fún. Àwọn owó tí mo máa kọ jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mú ẹyọ tí ẹ máa fi ta iṣẹ́

Bí ẹ bá ń ka ṣíìtì lọ́tọ̀, táwẹ̀lì lọ́tọ̀, ìṣirò máa dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Aṣọ yàrá kan ni kí ẹ sọ di ẹyọ: ṣíìtì méjì, àpò ìrọ̀rí méjì, táwẹ̀lì méjì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìdì kan. Bó bá gbẹ, ó máa ń wọ̀n tó kílò mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìfọṣọ oníkílò 15 lè gba ìdì mẹ́rin láìfún un pa, nítorí aṣọ tó bá há mọ́ra nínú ẹ̀rọ kì í mọ́.

Ẹ pín owó sí ọ̀nà méjì

Ọ̀nà kìíní ni owó tó dúró: bí òtẹ́ẹ̀lì kó ìdì kan wá lóṣù, bí wọ́n kó ẹgbẹ̀ta wá, ẹ máa san án. Fún obìnrin yìí, òṣìṣẹ́ tuntun méjì ń gba ₦75,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦150,000. (Láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí.) Ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ jẹ́ ₦2,880,000, bó bá pín in sí oṣù 36, ₦80,000 ló bọ́ sí lóṣù kan. Apá ibi tó gbà nínú ṣọ́ọ̀bù fún iṣẹ́ yìí jẹ́ ₦20,000, àtúnṣe ẹ̀rọ ₦10,000. Ó tún kọ ₦50,000 sílẹ̀ fún ara rẹ̀, nítorí òun ló máa ń ka aṣọ, tó ń bá òtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀, tó sì ń lọ gba owó. Owó ti ara ẹni yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ojú ìdọ́gba tí ẹ máa rí jẹ́ ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ku kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń kó aṣọ lọ, tó ń kó o bọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń pín owó rẹ̀ sórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ kì í ka aṣọ. Bó bá gbé ìdì mẹ́ta tàbí ogún, ₦3,000 rẹ̀ lójúmọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni òtẹ́ẹ̀lì sì ń fẹ́ aṣọ, nítorí náà ₦90,000 ni lóṣù, ọ̀dọ̀ owó tó dúró ló wà. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦400,000.

Ọ̀nà kejì ni owó tó ń bá iṣẹ́ rìn, tó jẹ́ pé bí ìdì bá ṣe ń pọ̀ ló ń pọ̀. Ọṣẹ àti oògùn tó ń mú aṣọ funfun jẹ́ ₦180 lórí ìdì kan, omi ₦70, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di aṣọ ₦50, àfikún ₦50 fún ṣíìtì tó bá ya tàbí táwẹ̀lì tó bá sọnù lọ́wọ́ yín. Ẹ má fojú fo aṣọ tí ẹ máa tún fọ̀ nítorí àbààwọ́n: bó bá jẹ́ ìdì kan nínú ogún, ₦50 ló máa fi kún owó ìdì kọ̀ọ̀kan.

Iná ló gba ìrònú jù níbẹ̀. Ká ní fífọ̀, gbígbẹ àti lílọ̀ ìdì mẹ́rin ń jẹ yúníìtì mẹ́jọ. Lórí iná Nẹ́pà ti Báńdì A, tí yúníìtì kan jẹ́ nǹkan bí ₦210, ìyẹn jẹ́ ₦1,680, tàbí ₦420 lórí ìdì kan. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, lítà epo mẹ́ta àtààbọ̀ ló máa gbà. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ó di ₦3,150, tàbí nǹkan bí ₦790 lórí ìdì kan. Iṣẹ́ kan náà, ọṣẹ kan náà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Obìnrin wa rí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ìdajì iṣẹ́ ló ń bọ́ sórí Nẹ́pà, ìdajì sórí jẹnẹrétọ̀, ó sì fi ₦600 síbẹ̀. Gbogbo owó tó ń bá ìdì kan rìn wá jẹ́ ₦1,000.

Ẹ béèrè iye aṣọ tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́

Yàrá 40, ọjọ́ 30: ẹni tó bá sọ ọ́ di ìdì 1,200 lóṣù ti ṣi ìṣirò. Yàrá kì í kún lójoojúmọ́, àlejò tó bá sì sùn fún ọjọ́ mẹ́ta lè má gbà ju pààrọ̀ aṣọ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ lọ bá ẹni tó ń bójú tó yàrá, kì í ṣe máníjà, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ wo ìwé tí wọ́n fi ń ka aṣọ jáde fún oṣù mẹ́ta tó kọjá. Ẹ kíyè sí oṣù tí aṣọ kéré jù níbẹ̀. Ká ní ohun tí ìwé yẹn fi hàn ni ìdì 16 lójúmọ́, ìyẹn 480 lóṣù.

Ẹ wo ọwọ́ yín náà. Ẹ̀rọ kan tó ń gba ìdì mẹ́rin, tó lè yí ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóòjọ́, kò lè kọjá ìdì 32. Bí òtẹ́ẹ̀lì kejì bá dé tí iṣẹ́ fi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa ra ẹ̀rọ míì, owó tó dúró á fò sókè, ẹ ó sì tún gbogbo ìṣirò yìí ṣe.

Ìṣirò gan-an

Ẹ yọ owó tó ń bá ìdì kan rìn kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ gbà. Èyí tó ṣẹ́kù ni ìdì kọ̀ọ̀kan ń dá padà láti fi san owó tó dúró. Ẹ fi pín owó tó dúró. Bí ẹ bá ń lo Ẹksẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ owó tó dúró sí B1, iye tí ẹ fẹ́ gbà sí B2, owó tó ń bá ìdì rìn sí B3:

```
=ROUNDUP(B1/(B2-B3),0)
```

Ní ₦2,000, ìdì kan ń dá ₦1,000 padà, ojú ìdọ́gba sì jẹ́ ìdì 400. Òtẹ́ẹ̀lì ní 480, ó jọ pé ó dára. Ní ₦1,700, ₦700 péré ló ń padà, ojú ìdọ́gba di 572. Òtẹ́ẹ̀lì yìí kò ní aṣọ tó tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iye yẹn kò ṣeé kọ síwèé, kódà bó bá jẹ́ iye tí gbogbo àdúgbò ń gbà. Ní ₦2,200, ìdì 334 ti tó. Bí 480 bá pé, èrè oṣù jẹ́ ₦176,000.

Ẹ fi ohun méjì dán iye náà wò

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀dínwó. Kò sí máníjà tí kì í béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ₦2,000, tó ní kí ẹ yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ dé ₦1,800, ojú ìdọ́gba sì fò láti 400 sí 500. Ó ti kọjá 480. Igba náírà péré lẹ yọ, ẹ sì ti bọ́ sínú àdánù. Àmọ́ bí ẹ bá yọ iye ìdá kan náà kúrò nínú ₦2,200, ₦1,980 ni, ojú ìdọ́gba jẹ́ 409. Ẹ ṣì ń mí.

Ìkejì ni oṣù tí Nẹ́pà ò mú iná wá rárá. Gbogbo iṣẹ́ á bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, owó tó ń bá ìdì rìn á di ₦1,190. Ẹni tó kọ ₦2,000 máa nílò ìdì 494 lóṣù náà, ẹni tó kọ ₦2,200 máa nílò 397. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi gba iye tó jẹ́ pé ìgbà tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa nìkan ló ń pa owó ara rẹ̀. Fún obìnrin yìí, ₦2,200 ló yẹ kó kọ síwèé. Bí ọ̀rọ̀ bá di dúnàádúrà, ₦2,050 ni òpin rẹ̀: ní iye yẹn, ìdì 480 ṣì lè gbé oṣù tí kò sí iná.

Ohun tó máa wọ inú ìwé àbá

Ìṣirò owó tí ẹ ṣe jẹ́ tiyín, kò yẹ kó dé ọwọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Èyí tó yẹ kó dé ibẹ̀ ni iye lórí ìdì kan, ohun tó wà nínú ìdì náà, àti iye aṣọ tó kéré jù tí wọ́n máa san owó rẹ̀ lóṣù. Obìnrin wa lè kọ ìdì 340, tó kọjá ojú ìdọ́gba rẹ̀ díẹ̀. Bí aṣọ bá kéré sí èyí lóṣù kan, wọ́n ṣì máa san owó ìdì 340, ìyẹn ₦748,000. Máníjà lè kọ̀. Bó bá kọ̀, ẹ fún un ní ẹ̀dínwó lórí ìdì tó bá kọjá 500 nìkan, kí ẹ̀dínwó má bàa kan àwọn ìdì tó ń san owó tó dúró.

Ẹ kọ ọ́ gedegbe bóyá owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wà nínú iye náà tàbí kò sí níbẹ̀. Bó bá fara pamọ́ sínú ₦2,200, ₦2,047 péré ló kù fún yín, ẹ sì ti dé òpin kí dúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa san owó. Ojú ìdọ́gba kì í sọ ìgbà tí owó máa wọlé. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá ń sanwó lẹ́yìn ọjọ́ 45, obìnrin yìí ti ná nǹkan bí ₦1,125,000 sórí òṣìṣẹ́, kẹ̀kẹ́, ṣọ́ọ̀bù, àtúnṣe, ọṣẹ àti iná kó tó rí kọ́bọ̀ kan. Bó bá yá a ní èlé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ₦33,750 wọ inú owó tó dúró, ojú ìdọ́gba ní ₦2,200 sì gòkè láti 334 sí 362. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kó béèrè pé kí wọ́n máa san án, kó sì kọ ọ́ pé iye náà máa yí padà bí owó epo tàbí iná bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gòkè.