Ibi tí owó ṣọ́ọ̀bù mi há sí

Ọjà ń lọ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbbà níbí, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ lọ kó ọjà tuntun, kò ní sówó lọ́wọ́.

Mo wá jókòó ti ìwé, mo ṣírò iye ìgbà tí ọjà mi yí po láàárín oṣù mẹ́fà, ìyẹn iye ìgbà tó tà tán tí mo tún kó òmíràn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi owó tí mo tà ṣe é, àṣìṣe nìyẹn o, torí èrè ti wà nínú ẹ̀, iye tí mo fi rà wọ́n ló yẹ kí n lò. Ọjà tí mo tà, 3,000,000 náírà ni mo fi rà á. Ọjà tó wà ńlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 900,000, nígbà tó parí 1,100,000, tí a bá pa méjèèjì pọ̀ ká dá a sí méjì, 1,000,000 ni. Tí a bá fi 1,000,000 yìí pín 3,000,000, ó túmọ̀ sí pé ọjà yí po lẹ́ẹ̀mẹta, oṣù méjì-méjì. Kò burú lójú.

Ìgbà tí mo ya wọ́n sọ́tọ̀ ni àyà mi já. Núdùsì, ṣúgà àti mílíìkì, ọjà 400,000 péré, wọ́n yí po lẹ́ẹ̀meje. Abọ́ táńgáran àti fíláásì tí eruku ti bo páálí wọn gbé 600,000, mi ò tà ju ti 200,000 lọ! Bó ṣe ń lọ yẹn, ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n á fi tán.

Mo ta púpọ̀ nínú abọ́ yẹn fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó, iye tí mo rà á náà ni mo tà á, mo fi owó ẹ̀ kó núdùsì. Ní báyìí, oṣooṣù ni mò ń ṣírò ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.