Nóòdù ni àbí méẹ̀ṣì? Sákíìtì bátìrì méjì tó ń da àbúrò wa láàmú

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Bátìrì 12 V pẹ̀lú rẹsítọ̀ 2 Ω, bátìrì 6 V pẹ̀lú 3 Ω, kọ́rẹ́ntì sọ́ọ̀sì 1 A tó kọjú sókè, àti 6 Ω, gbogbo wọn wà láàárín wáyà òkè àti wáyà ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe tò látòsì sọ́tùn-ún nìyẹn. Mo fi méẹ̀ṣì ṣe é, ìyẹn ni pé mo yípo lúùpù kọ̀ọ̀kan, mo pe kọ́rẹ́ntì wọn ní I₁, I₂ àti I₃, mo rí 0 A nínú 6 Ω, àmọ́ ní láàbù wa n'Íjẹ̀bú-Òde mítà ka 1.5 A.

Ìdáhùn: Mítà ò purọ́ o. Lúùpù tó kẹ́yìn, 6I₃ = 0 lo kọ síbẹ̀, àbí? O ti ṣe kọ́rẹ́ntì sọ́ọ̀sì bíi wáyà lásán. Fóòltéèjì wà lórí ẹ̀, àwọn tó kù nínú sákíìtì ló ń pinnu iye ẹ̀, ìwọ ò sì tíì mọ̀ ọ́n, torí náà o ò lè fi òdo síbẹ̀. Tó bá jẹ́ méẹ̀ṣì náà lo fẹ́, má gba orí sọ́ọ̀sì yẹn kọjá rárá, yípo lúùpù kejì àti ìkẹta pọ̀ bí ẹyọ kan, kó o wá kọ I₃ − I₂ = 1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Àmọ́ kí ló ń lé ẹ? Wo wáyà òkè yẹn, oríta kan ṣoṣo ni, òun la ń pè ní nóòdù. Bíi oríta Ṣágámù níbi tí ọ̀nà Èkó, Ìbàdàn àti Bìní ti pàdé, ohun tó wọlé náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Fi wáyà ìsàlẹ̀ ṣe 0 V, pe òkè ní V:

```
(V-12)/2 + (V-6)/3 + V/6 = 1
```

Fi 6 sọ gbogbo ẹ̀ di púpọ̀, 6V = 54, V jẹ́ 9. Ó parí. 9 pín sí 6 jẹ́ 1.5 A tí mítà ẹ kà. Bátìrì 6 V á fún ẹ ní −1 A, má pa á rẹ́ o, wọ́n ń ṣáàjì ẹ̀ ni torí 9 ju 6 lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú máa lo nóòdù nìkan ni?

Ìdáhùn: Rárá, ka iye ìdọ́gba tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ní kó o kọ ná, kó o tó kọ nǹkan kan. Fún nóòdù, ka oríta, yọ kan fún ilẹ̀, kó o tún yọ kan fún bátìrì kọ̀ọ̀kan tó so oríta méjì pọ̀ láìní rẹsítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún méẹ̀ṣì, ka ojú fèrèsé, ìyẹn lúùpù tí wáyà kankan ò gba àárín ẹ̀ kọjá, yọ kan fún kọ́rẹ́ntì sọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Tìẹ, nóòdù 1, méẹ̀ṣì 2. Gbé afárá Wítísítóònù wá wàyí, oríta 4 fèrèsé 3, tó bá jẹ́ bátìrì lásán ló ń fún un níná, nóòdù 2 méẹ̀ṣì 3, ṣùgbọ́n yọ bátìrì yẹn kó o fi kọ́rẹ́ntì sọ́ọ̀sì rọ́pò ẹ̀, ó ti di nóòdù 3 méẹ̀ṣì 2, bẹ́ẹ̀ rẹsítọ̀ kan ò kúrò níbi tó wà. Tí iye méjèèjì bá dọ́gba, ohun tí wọ́n ń béèrè ni mo máa ń wò, fóòltéèjì, nóòdù, kọ́rẹ́ntì, méẹ̀ṣì. Tí wáyà bá sì gba orí ara wọn kọjá tó ò lè tún un yà kí wọ́n má pàdé, nóòdù nìkan ló kù fún ẹ, torí kò sí fèrèsé tó o fẹ́ kà níbẹ̀.