“Ara mi ti mọ́ oògùn náà”: àṣìṣe tí a ń ṣe sí áńtíbáyọ́tíìkì

Ní Kábà níbí, bí oògùn kan kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, “Ara mi ti mọ́ ọn.” Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láábù ni mo ti ń gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì sọ ọ́ á fi kún un pé kí wọ́n fún òun ní èyí tó le jù ú lọ. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìnà. Kì í ṣe ara èèyàn ló ń mọ́ oògùn, kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ara ni. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Bó bá jẹ́ ara rẹ ni, ọ̀ràn náà kò kan ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kòkòrò lè ti ọ̀dọ̀ rẹ bọ́ sára ọmọ rẹ, kí oògùn tí ọmọ náà kò fẹnu kàn rí má sì rí nǹkan kan ṣe fún un.

Obìnrin kan wà tó ń ta gàrí lọ́nà Ìyàrá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, Ìyá Onígàrí ni n ó máa pè é. Ó mú ìwé dókítà wá, ibà mú un gan-an, ó sì fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún bó ti ń wọlé. “Òkun o, àǹtí láábù.” Mo kí i padà, mo ní kó jókòó, mo bi í léèrè ohun tí mo máa ń bi gbogbo èèyàn: “Màmá, oògùn wo lẹ ti lò?”

Ó kọ́kọ́ ní òun kò lo nǹkan kan. Ìgbà tó yá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, kò sì lè jókòó ti gàrí rẹ̀ fún wákàtí kan kó má dìde lọ tọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ fún un ní ámpíkílọ́ọ̀sì méjì, ó gbé méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan. Kò lọ. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n ní sípírò ni kó lò. Mẹ́wàá ló wà nínú páálí, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó, mẹ́rin ni wọ́n já fún un. Ó fi ẹ̀kọ mímu tí mílíìkì wà nínú rẹ̀ gbé ọ̀kan mì láàárọ̀, nítorí kí oògùn má baà pa á nínú. Ó lo èkejì lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìtọ̀ kò ta á mọ́. Ó wé méjì tó kù sínú ọ̀rá. Nígbà tí kàtá mú ọmọkùnrin rẹ̀, ó fún un ní ọ̀kan níbẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣe tí n kò tíì rí lọ́wọ́ ẹni tó kàwé jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ámpíkílọ́ọ̀sì méjì yẹn ná. Oògùn méjì ló wà nínú kápùsù kan, ámpísílìn àti kílọ́sásílìn. Kòkòrò tó máa ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àìsàn ìtọ̀, tí a ń pè ní Í-kólì, ní awọ méjì lára, kílọ́sásílìn kì í sì rí ibi tó dára wọlé gba. Ámpísílìn lè wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Í-kólì ayé ìsinsìnyí ló ti ní ohun kan tó ń gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ohun àná o. Ọdún 1928 ni Fílẹ́mìn rí pẹnisílìn, tó jẹ́ baba ámpísílìn. Ọdún 1940 ni Ábúráhámù àti Ṣéènì ní Ọ́sífọ́ọ̀dù kéde pé àwọn rí èròjà kan lára Í-kólì tó ń ba pẹnisílìn jẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbọ́ orúkọ oògùn náà. Kòkòrò ti ní ohun ìjà yẹn tẹ́lẹ̀. Àwa ni a wá ń pa àwọn tí kò ní in, tí àwọn tó ní in sì ń jogún ilé.

Ká tilẹ̀ wá sọ pé kòkòrò náà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, kápùsù méjì lẹ́ẹ̀kan kò lè tó. Láàárín bíi wákàtí kan, ìdajì ámpísílìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á ti bá ìtọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tó gbé méjì mì lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró dà bí ẹni tó lé ewúrẹ́ kúrò lóko láàárọ̀, tó wá lọ sùn títí di ọ̀la.

Sípírò ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló ń dùn mí jù. Oògùn tó dára ni. Okùn gígùn kan wà nínú kòkòrò tí gbogbo àbùdá rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì ní irinṣẹ́ kan tó fi ń lọ́ ọ, tó sì fi ń tú u nígbà tó bá fẹ́ pín sí méjì. Sípírò máa ń há sára irinṣẹ́ yẹn, okùn á já, kòkòrò á kú. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí kòkòrò bá ń da àbùdá rẹ̀ kọ láti pín sí méjì, ó lè ṣe àṣìkọ. Nínú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, ọ̀kan lè ṣe àṣìkọ níbi irinṣẹ́ yẹn gan-an, tí sípírò kò fi ní lè há síbẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ṣòro láti rí. Gíráàmù ìgbẹ́ kan ṣoṣo lè ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún Í-kólì nínú, níbi tó bá sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ìṣẹ́jú 20 péré ni ọ̀kan fi ń di méjì.

Àṣìkọ àkọ́kọ́ yìí kì í sọ kòkòrò di akọni lójijì. Bí sípírò bá pé nínú ara, ó ṣì lè pa á. Bí oògùn bá kéré, á yè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kú, á sì wá rí gbogbo àyè lò. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá tún di mílíọ̀nù, ọ̀kan nínú wọn á tún ṣe àṣìkọ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè gbé gbogbo páálí mì. Bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ni, oògùn tí kò tó ló sì ń tẹ́ àtẹ̀gùn náà fún un.

Ẹ wá wo ẹ̀kọ oní-mílíìkì yẹn. Kálísíọ̀mù inú mílíìkì máa ń so mọ́ sípírò nínú ikùn, ara kò sì ní lè fa oògùn náà tó bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú àti oògùn inú rírun tí a ń jẹ lẹ́nu bíi ẹfun. Omi lásán ni kí ẹ fi lo sípírò, ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Oògùn Ìyá Onígàrí ti kéré ní iye, ó tún wá kéré nínú ẹ̀jẹ̀.

Ti ọmọkùnrin náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa kàtá, kò sì ní irinṣẹ́ tí sípírò lè há sí. Ṣùgbọ́n oògùn tó gbé mì kò wulẹ̀ ṣòfò. Ó dé ìfun rẹ̀, ó pa àwọn kòkòrò tí kò ní ẹ̀bi, ó sì dá àwọn tó le sí. Láti ìfun yẹn ni Í-kólì ti máa ń rìn dé ojú ìtọ̀. Nítorí náà, oògùn kàtá tí ẹ lò lọ́dún yìí lè jẹ́ ìdí tí oògùn ìtọ̀ kò fi ní ṣiṣẹ́ fún yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé kòkòrò lè ṣe ẹ̀dà ohun ìjà rẹ̀ fún kòkòrò mìíràn tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, bí ìgbà tí èèyàn fún aládùúgbò ní irúgbìn.

Mo fún Ìyá Onígàrí ní ike, mo ṣàlàyé pé kó jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ lọ ná, kó gbe àárín. Ó bọ́ sí i pé kò tíì lo oògùn kankan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ti gbé áńtíbáyọ́tíìkì mì kí wọ́n tó máa bọ̀ ní láábù. Kòkòrò lè má hù mọ́ nínú àwo tí a ń gbìn ín sí, wọ́n á gba ìwé tó sọ pé kò sí nǹkan, àìsàn á sì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Í-kólì ti hù. Mo tẹ́ ẹ sórí àwo mìíràn bí ẹni fọ́n irúgbìn, mo to ìwé róbótó kéékèèké tí oògùn wà lára wọn lé e, mo sì fi í sínú ìgbóná di ọjọ́ kẹta. Bí oògùn bá ṣiṣẹ́, òrùka mímọ́ á yí ìwé rẹ̀ ká níbi tí kòkòrò kò ti lè hù. Kòkòrò hù dé ẹsẹ̀ ìwé ámpísílìn, kò sí òrùka rárá. Òrùka sípírò jẹ́ mílímítà 12, nígbà tó yẹ kó tó 26 ká tó sọ pé ó ṣiṣẹ́. Ti oògùn ìtọ̀ kan tó ń jẹ́ náítírófúrántóínì jẹ́ 20, ó sì ṣiṣẹ́, torí 17 ló ń fẹ́. Ti abẹ́rẹ́ séfítíráyásónì náà mọ́ kedere.

Ibi tí “ẹ fún mi ní èyí tó le” ti ń já sí asán nìyí. Náítírófúrántóínì kì í ṣe oògùn tó gbówó lórí, ká ní àpò ìtọ̀ nìkan ni àìsàn náà wà, ọjọ́ márùn-ún péré ni wọn ì bá fi lò ó. Ṣùgbọ́n inú ìtọ̀ ló ń kó jọ sí, kì í pọ̀ tó nínú ẹran kíndìnrín, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn sì fi hàn pé àìsàn ti gòkè débẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni dókítà fi sí i, ó sì sùn sí ọsibítù. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé inú ara rẹ̀ ni kòkòrò náà ti yí padà. Ó lè jẹ́ pé bó ti le ló ṣe wọlé, torí kò sẹ́ni tó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ má sì gbọ́ èyí kí ẹ wá máa lo oògùn pẹ́ jù. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni kí ẹ lò. Oògùn tí a fà gùn láìnídìí náà ń fún àwọn inú ìfun láyè láti gun àtẹ̀gùn yẹn.

Kó tó dìde, Ìyá Onígàrí tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Sípírò ẹyọ kan tó kù ló wà nínú rẹ̀. “Àǹtí, ṣé n kò lè fi èyí kún abẹ́rẹ́ náà?” Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.